Ìlà Méjì Lórí Àwòrán Ọ́pṣọ̀n: Ti Òní àti Ti Ọjọ́ Ìparí

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí àwòrán èrè àti àdánù ọ́pṣọ̀n lórí fóònù rẹ̀, ìlà méjì ló máa ń bá níbẹ̀. Ọ̀kan tọ́ gbọnrangandan, ó kàn ṣẹ́ lójú kan ni, ó wá gba òkè lọ. Ìkejì tẹ̀, kò ní igun kankan. Àwọn méjèèjì kì í sábà sọ ohun kan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kábbà ló pè mí nítorí ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sán yìí ni mo ra ọ́pṣọ̀n kan, ṣíà rẹ̀ sì ti fi dọ́là mẹ́ta gòkè kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlà kan ní mo ti jèrè, ìkejì ní mo ti pàdánù. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ìbéèrè tó yẹ kó béèrè gan-an nìyẹn. Èsì tí mo fún un ni pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìlà tó ní igun ń sọ ohun tí yóò kù sí i lọ́wọ́ bó bá di ọ́pṣọ̀n náà mú títí di ọjọ́ tí yóò parí. Ìlà tó tẹ̀ ń sọ ohun tó ṣeé ṣe kó rí bó bá tà á lónìí. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, nǹkan púpọ̀ lè ṣẹlẹ̀, nǹkan púpọ̀ yẹn sì lówó lórí.

Kí ẹni tí kò tíì mọ ọ́pṣọ̀n rárá lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n fi kajú ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní àgbẹ̀ kan wà ní Ìyàrà tó ní kajú lóko. Ẹ fún un ní owó díẹ̀, ẹ sì jọ ṣàdéhùn pé láàárín oṣù méjì, ẹ lè ra àpò kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye kan tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí, bó ti wù kí kajú wọ́n tó lọ́jà. Bí kajú bá wọ́n, ẹ ó lo ẹ̀tọ́ yín. Bí kò bá wọ́n, ẹ ó fi í sílẹ̀, owó díẹ̀ tí ẹ kọ́kọ́ san ló lọ, kò sí gbèsè mìíràn lọ́rùn yín. Ẹ sì tún lè ta ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn kí oṣù méjì tó pé. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò wo iye tí kajú jẹ́ lọ́jọ́ náà, yóò sì tún bi yín pé ọjọ́ mélòó ló kù. Ọ́pṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀lù nìyẹn: ẹ̀tọ́ láti rà, ní iye kan, kí ọjọ́ kan tó kọjá.

Kọ́ọ̀lù ni àbúrò mi rà, lórí ṣíà iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Mo ti tún nọ́ńbà rẹ̀ ṣe díẹ̀, mo sì yọ èlé owó àti owó ìpín èrè kúrò nínú ìṣirò, kó lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Ṣíà kan jẹ́ dọ́là 50 lásìkò tó rà á. Iye àdéhùn, ìyẹn iye tó ní ẹ̀tọ́ láti fi ra ṣíà náà, jẹ́ dọ́là 50 bákan náà. Ọjọ́ tó kù kí ọ́pṣọ̀n náà parí jẹ́ 60. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 3.23. Kọ́ńtíráàtì kan lórí ṣíà Amẹ́ríkà sì máa ń kó ṣíà 100 sínú, nítorí náà dọ́là 323 ló jáde lápò rẹ̀.

Lórí àwòrán náà, ohun tó wà nísàlẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún, ni iye ṣíà. Ohun tó lọ láti ìsàlẹ̀ sókè ni èrè tàbí àdánù ní dọ́là. Ìlà kan là á já ní àárín, òun ni odo: ẹni tó wà lókè rẹ̀ ń jèrè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń pàdánù. Bí ẹ bá fẹ́ kà á, ẹ wá iye ṣíà nísàlẹ̀, ẹ gba ibẹ̀ gòkè tààrà títí ẹ ó fi kan ìlà tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ fún iye owó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ ìlà kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí ètò orí fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Igun ni kí ẹ máa wò: ìlà tó bá ní igun, ti ọjọ́ ìparí ni.

Ìlà ọjọ́ ìparí ló rọrùn jù, nítorí kò sí àbá kankan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ́pṣọ̀n bá parí, bí ṣíà bá jẹ́ dọ́là 50 tàbí kó kéré sí i, kò sí ẹni tí yóò lo ẹ̀tọ́ láti ra ohun kan ní 50 nígbà tó lè rí i rà ní iye kan náà tàbí ní owó tó dín sí i. Gbogbo 323 ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlà náà fi dùbúlẹ̀ gbalaja ní òsì, ní ìsàlẹ̀ odo. Tó bá kọjá 50, dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ṣíà bá fi gòkè ń mú dọ́là 100 wá, nítorí ṣíà 100 ló wà nínú kọ́ńtíráàtì. Ibi tí ìlà náà ti ṣẹ́ gòkè, 50 gan-an ni, iye àdéhùn. Ó sì kan odo ní 53.23, nítorí ibẹ̀ ni 323 tó san ti padà pé. Ní 53, ọ́pṣọ̀n yóò jẹ́ 300, ó sì ti san 323: àdánù dọ́là 23. Ìyẹn ni àdánù tí àbúrò mi ń wò.

Ẹ wá wo ìlà tòní ní 53 kan náà. Ó ní ọ́pṣọ̀n náà tó 504, ìyẹn èrè 181. Báwo ni ẹnikẹ́ni yóò ṣe san 504 fún ẹ̀tọ́ tí kò mú ju 300 wá bí a bá lò ó lójú ẹsẹ̀? Ọjọ́ tó kù ló ń sanwó fún. Láàárín 60 ọjọ́, ṣíà náà lè dé 58, ó lè dé 62. Bó bá sì já wálẹ̀, ẹni tó rà á kò lè pàdánù ju ohun tó san lọ. Èrè kò ní òpin lókè, àdánù ní òpin nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àkókò ṣì wà: ọjà ń díye lé ìyẹn. Dọ́là 204 tó wà láàárín ìlà méjèèjì ní 53 ni iye tí ọjà fi lé àkókò yẹn lórí.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní apá òsì, níbi tí ṣíà ti já wálẹ̀. Ká ní ó já sí 46 lọ́jọ́ kan náà. Ìlà ọjọ́ ìparí yóò sọ pé gbogbo 323 ti ṣòfò. Ìlà tòní yóò sọ pé àdánù jẹ́ 173, nítorí ẹnì kan ṣì wà tí yóò san nǹkan bí 150 fún ìrètí pé ṣíà náà lè padà gòkè kí 60 ọjọ́ tó pé. Àlàfo láàárín ìlà méjèèjì fẹ̀ jù lọ ní ẹ̀bá iye àdéhùn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ bóyá ẹ̀tọ́ náà yóò wúlò tàbí kò ní wúlò. Bí ẹ bá lọ jìnnà sí òsì tàbí sí ọ̀tún, ìlà méjèèjì á máa sún mọ́ra wọn títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan, nítorí níbẹ̀ ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú, kò sí ohun púpọ̀ tí àkókò lè yí padà mọ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí 53.23 yìí, torí ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣi àwòrán náà kà nìyẹn. Wọ́n á rí i tí wọ́n kọ ọ́ sójú fóònù bí ibi tí owó ti pé, wọ́n á wá rò pé kò sí èrè títí ṣíà yóò fi dé ibẹ̀. Ọjọ́ ìparí nìkan ni nọ́ńbà yẹn wà fún. Lọ́jọ́ tó rà á, ìlà tòní gba orí odo kọjá ní 50, iye tí ṣíà wà nígbà tó ra ọ́pṣọ̀n náà. Ẹni tó bá tà nígbà tí ṣíà wà ní 52 lọ́jọ́ náà yóò jèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé 53.23 rárá. Ṣùgbọ́n ibi tí ìlà tòní ti kan odo kì í dúró sójú kan. Lójoojúmọ́ ló ń rọra sún sí ọ̀tún, tí yóò sì dé 53.23 lọ́jọ́ ìparí.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ra ọ́pṣọ̀n: ìlà tòní kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń rì lójoojúmọ́ lọ sórí ìlà tó ní igun. Ká mú 53 yẹn kan náà, ká ní ṣíà kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ 60 kù, èrè jẹ́ 181. Nígbà tó bá ku ọjọ́ 30, yóò ti di 92. Nígbà tó bá ku ọjọ́ 10, yóò ti di 13. Lọ́jọ́ ìparí, àdánù 23. Ṣíà kò sún, kò sí ìròyìn burúkú kankan, síbẹ̀ èrè di àdánù. Èrè 181 tí àbúrò mi rí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èrè ọjọ́ náà ni. Kì í ṣe ohun tí 53 ṣèlérí fún un títí ayé.

Rírì náà kì í sì í lọ ní ìwọ̀n kan náà. Bí ṣíà bá jókòó sí 50, ọjọ́ 30 àkọ́kọ́ yóò gba dọ́là 94 lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 20 tó tẹ̀ lé e yóò gba 97. Ọjọ́ 10 tó kẹ́yìn nìkan yóò gba 132. Ẹni tó bá ń di ọ́pṣọ̀n mú wọ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nígbà tí ṣíà wà nítòsí iye àdéhùn, ó ń san owó tó pọ̀ jù fún ọjọ́ tó kéré jù.

Púpọ̀ nínú ètò orí fóònù àti kọ̀ǹpútà ní ibi tí ẹ ti lè sún ọjọ́ síwájú lórí àwòrán náà. Ìlà tòní ni wọ́n sábà ń kọ `T+0` sí lára. Mo ní kí àbúrò mi sún ọjọ́ náà díẹ̀díẹ̀, kó sì máa wo ìlà tó tẹ̀ bó ti ń wálẹ̀. Lójú mi, wíwo rírì yẹn kọ́ ènìyàn ju kíka àlàyé ojú ìwé mẹ́wàá lọ.

Ó ku ohun kan tó lè gbé ìlà tòní wálẹ̀ láìjẹ́ pé ọjọ́ kọjá. Ìlà tó ní igun, ìyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ lásán ló bí i. Ìlà tó tẹ̀, ìṣirò tó ní àbá nínú ló bí i. Ìṣirò tí a mọ̀ jù fún un ni èyí tí Fischer Black àti Myron Scholes gbé jáde ní 1973, ọdún kan náà tí ilé ọjà ọ́pṣọ̀n Chicago ṣílẹ̀kùn. Ìṣirò náà nílò iye ṣíà, iye àdéhùn, ọjọ́ tó kù, èlé owó, àti ohun karùn-ún kan: báwo ni ṣíà yìí yóò ṣe máa fò sókè sódò tó láti ìsinsìnyí lọ? A lè ka mẹ́rin àkọ́kọ́ lójú ìwé. Ìkarùn-ún, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Iye tí àwọn ènìyàn ń ra ọ́pṣọ̀n lọ́jà ni wọ́n fi ń yọ ọ́ jáde, òun sì ni ẹ ń rí lójú fóònù bí `IV`. Nínú àpẹẹrẹ wa, 40% ni.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí ọjọ́ tí iléeṣẹ́ fẹ́ kéde ìṣirò èrè rẹ̀ bá ti ń sún mọ́, gbogbo ènìyàn á máa retí pé ṣíà yóò fò, `IV` á sì gòkè, ọ́pṣọ̀n á wọ́n. Bí ìkéde náà bá ti jáde tán, ohun tí wọ́n ń retí ti ṣẹlẹ̀, `IV` sábà máa ń já wálẹ̀ lójijì. Ká ní ti àpẹẹrẹ wa já láti 40% sí 25% lóru ọjọ́ kan, tí ṣíà sì gòkè láti 50 sí 51. Láìka ti ọjọ́ kan tó kọjá, ọ́pṣọ̀n tí ẹ ra ní 323 yóò di 258. Ẹ sọ pé ṣíà yóò gòkè, ó gòkè lóòótọ́, ẹ sì pàdánù dọ́là 65. Bí `IV` bá dúró sí 40% ni, ní 51 kan náà, èrè 56 ni ẹ ò bá rí.

Ó máa ń dun ènìyàn gan-an, àwọn kan sì máa ń rò pé búrókà ló yàn wọ́n jẹ. Ọ̀nà láti mọ̀ kò ṣòro: ẹ kọ `IV` sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rà, ẹ fi wé ti òní. Bí ṣíà bá gòkè tí ọ́pṣọ̀n sì já wálẹ̀ nígbà tí ọjọ́ kò tíì lọ púpọ̀, `IV` ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìlà ọjọ́ ìparí kò ní mì rárá ní gbogbo àkókò yìí. 53.23 á ṣì wà níbi tó wà, nítorí lọ́jọ́ tí ọ́pṣọ̀n bá parí, kò sí fífò tí ẹnikẹ́ni tún ń retí mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo ìlà tòní fún ọjọ́ kan tí ń bọ̀, ẹ rántí pé fóònù yín sábà ń fi `IV` ti ìsinsìnyí ṣe é. Ó mọ ọjọ́ tí yóò kù nígbà náà, kò mọ ohun tí ọjà yóò máa retí.

Nǹkan kékeré kan tún wà tó ń mú kí owó tó wọlé kéré sí ohun tí ìlà tòní sọ. Iye méjì ló máa ń wà fún ọ́pṣọ̀n lọ́jà: iye tí ẹni tó fẹ́ rà ń pè, àti iye tí ẹni tó fẹ́ tà ń bèèrè. Àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n sábà fi ń ya àwòrán. Bí ẹni tó fẹ́ rà bá ń pe 3.10 tí ẹni tó fẹ́ tà sì ń bèèrè 3.36, àwòrán yóò sọ 3.23, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kánjú tà yóò gba 3.10, dọ́là 13 ti dín lórí kọ́ńtíráàtì kan. Lórí ọ́pṣọ̀n tí ènìyàn púpọ̀ kì í rà, àlàfo yìí lè fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Fún ẹni tó ta ọ́pṣọ̀n náà, ẹ dojú àwòrán yìí délẹ̀. Ìlà tòní rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìlà tó ní igun, ọjọ́ tó ń lọ sì ń gbé e gòkè. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gba àlàyé tó dá dúró, nítorí àdánù ẹni tó ta kọ́ọ̀lù láìní ṣíà náà lọ́wọ́ kò ní òpin.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn tí àbúrò mi bi mí ni pé, bó bá wá ṣe jẹ́, ṣé kí òun kúkú di ọ́pṣọ̀n náà mú títí di ọjọ́ ìparí, kí òun lè mọ ibi tí òun dúró sí? Mo ní kó kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ Ẹtì ni púpọ̀ nínú àwọn ọ́pṣọ̀n orí ṣíà ń parí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Amẹ́ríkà, ọjà New York ń ṣí ní agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán tiwa, ó sì ń pa ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Bí òtútù bá dé lọ́dọ̀ wọn, ó di agogo mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́wàá. Bí ṣíà bá fi sẹ́ǹtì kan péré ju iye àdéhùn lọ nígbà tí ọjà bá pa, wọn yóò lo ẹ̀tọ́ náà fún un fúnra wọn, àfi bó bá ti ní kí wọ́n má lò ó. Ní 53, ìyẹn túmọ̀ sí pé yóò ra ṣíà 100 ní dọ́là 50 lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, dọ́là 5,000. Bí owó náà kò bá sí nínú àpò rẹ̀ lọ́dọ̀ búrókà, búrókà sábà máa ń ta ọ́pṣọ̀n náà kí ọjà tó pa, ní iye tó bá bá lọ́jà, láìbi í.

Kò ní dọ́là 5,000 níbẹ̀. Nítorí náà, ìlà tó ní igun kò lè jẹ́ ibi tó ń lọ, bó ti wù kó rọrùn láti kà tó. A jọ sún ọjọ́ lórí fóònù rẹ̀ títí ó fi ku 20, a wo ibi tí ìlà tó tẹ̀ yóò ti kan odo lọ́jọ́ náà, ó sì kọ iye ṣíà yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú `IV` 40% lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ṣíà kò bá tíì kọjá ibẹ̀ nígbà náà, yóò ta ohun tó kù.